Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ọmọ Iṣẹ́ Aránṣọ: Bí A Ṣe Ń Wọn Ara Obìnrin fún Gáùn Tó Dì Mọ́ Ara

Ìwé yìí wà fún ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ti mọ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ, tí ọ̀gá sì ti ń jẹ́ kí ẹ di téèpù mú. Gáùn obìnrin tó dì mọ́ ara ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí pé bùbá àti ìró máa ń gba àṣìṣe mọ́ra, ṣùgbọ́n gáùn tó dì mọ́ ara kì í bo àṣìṣe kankan. Bí ẹ ti ń kà á, ẹ máa ranti pé ọ̀pọ̀ àṣìṣe ìwọ̀n kì í ti inú kíka nọ́ńbà wá. Ibi tí a fi orí téèpù sí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Téèpù wo ni kí n lò, báwo ni mo sì ṣe lè mọ̀ pé ó ṣì péye?

Téèpù aránṣọ tó wọ́pọ̀ gùn ní ínṣì 60, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 150. Téèpù tó bá ti pẹ́ lọ́wọ́ máa ń nà, pàápàá èyí tí a máa ń fi kọ́rùn láàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí a sì ń fi ọwọ́ fà nígbà gbogbo. Nígbà tó bá ti nà, nọ́ńbà tó ń fún yín yóò kéré sí bí ara ṣe rí gan-an, gáùn yóò sì há oníbàárà láìjẹ́ pé ẹ mọ ohun tó fà á.

Ẹ tẹ́ téèpù sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà onírin, kí ẹ wò bóyá ínṣì 12 ti téèpù bá ínṣì 12 ti rúlà mu. Ẹ tún wò ó ní àárín téèpù, láti 24 dé 36, nítorí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ máa ń fà jù, orí rẹ̀ sì lè péye kí àárín rẹ̀ má péye. Bí ìyàtọ̀ bá wà, ẹ ra òmíràn. Téèpù tí irin orí rẹ̀ ti já kò dára láti fi wọn ara rárá. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ láti orí 1, wọ́n á ní àwọn yóò yọ ínṣì kan kúrò tó bá yá, ṣùgbọ́n nígbà tí èrò bá pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wọn kì í ranti yọ ọ́.

Kí ni kí oníbàárà wọ̀ nígbà tí mo bá ń wọ̀n ọ́n?

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo tó sún mọ́ ara ló dára jù. Bí ó bá wọ bùbá léèsì sórí ṣẹ́mísì, tí ó sì ró ìró lé e, ẹ ó wọn aṣọ pọ̀ mọ́ ara ni, ìró tí a ká ní ìdí nìkan sì lè fi ínṣì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún ìwọ̀n. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé, «Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè tú ìró yín sílẹ̀ díẹ̀, kí ìwọ̀n ìdí yín lè péye?» Ibi tí aṣọ ìkélé wà ló yẹ kí ẹ ti sọ ọ́, kì í ṣe ìta gbangba.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ kì í béèrè ni kọ́mú. Kọ́mú tí oníbàárà yóò wọ̀ sábẹ́ gáùn náà lọ́jọ́ òde ló yẹ kó wà lára rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n. Kọ́mú tó gbé ọmú sókè dáadáa lè yí ibi tí orí ọmú wà padà ní ínṣì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí kọ́mú àtijọ́ tí okùn rẹ̀ ti rọ̀. Bí ẹ bá fi èyí tó rọ̀ wọ̀n ọ́n, tí ó sì wọ èyí tó gbé ọmú sókè lọ síbi ìgbéyàwó, ẹnu dáàtì yóò wà nísàlẹ̀, orí ọmú yóò wà lókè, gbogbo ẹni tó bá wò ó yóò sì rí i. Bákan náà ni bàtà: bí gáùn náà yóò bá kanlẹ̀, ẹ jẹ́ kó wọ bàtà tí yóò wọ̀ sí i kí ẹ tó wọn gígùn rẹ̀.

Báwo ni kó ṣe dúró, níbo sì ni kí èmi náà dúró?

Kó dúró ṣánṣán, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ bákan náà, kó jẹ́ kí apá méjèèjì sọ kalẹ̀, kó sì máa wo ọ̀kánkán. Ẹni tó bá ń wo téèpù nísàlẹ̀ ti tẹ ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀, ìwọ̀n iwájú á kúrú, ti ẹ̀yìn á gùn. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ló tún máa ń fa ikùn wọlé ní kété tí téèpù bá kan wọ́n. Ẹ má ṣe bá a jiyàn lórí rẹ̀. Ẹ bi í nípa irú ọrùn tó fẹ́ tàbí ọjọ́ tí ayẹyẹ náà jẹ́, bó bá ti ń dáhùn ni èémí rẹ̀ yóò padà bọ̀ sípò, ìgbà náà ni kí ẹ ka nọ́ńbà.

Ní ti yín, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, kì í ṣe iwájú rẹ̀ gan-an, kí ẹ lè máa rí iwájú àti ẹ̀yìn téèpù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí dígí ńlá bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kó dúró níwájú rẹ̀, nítorí pé dígí yóò fi apá tí ojú yín kò dé hàn yín.

Níbo gan-an ni wéésìtì wà? Ó dà bíi pé ibi tó yàtọ̀ ni mo ń bá a lójoojúmọ́.

Ibi yìí ni ó yẹ kí iṣẹ́ ìwọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú àwọn ìwọ̀n yòókù ló gbára lé e. Wéésìtì kì í ṣe ìdodo, kì í sì í ṣe ibi tí oníbàárà ń ró ìró rẹ̀ sí, nítorí pé ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń ró o sísàlẹ̀ díẹ̀. Ibi tí ẹ̀gbẹ́ ara ti ṣẹ́ wọlé ni. Ẹ sọ fún oníbàárà kó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ ká níbì kan pàtó. Ibẹ̀ ni.

Ní kété tí ẹ bá ti rí i, ẹ so rọ́bà tín-ín-rín mọ́ ọn níbẹ̀, irú rọ́bà tí a ń fi sí ẹnu ṣòkòtò, kó má há a, kó má sì yọ̀. Ẹ sọ fún un kó rìn díẹ̀, kó jókòó, kó tún dìde. Rọ́bà náà yóò fúnra rẹ̀ lọ sí ibi tó kéré jù. Ẹ má ṣe tú u títí ẹ ó fi wọn gbogbo ìwọ̀n tán, nítorí pé òun ni ẹ ó máa fi orí téèpù lé, yálà ẹ ń wọn láti òkè wá tàbí ẹ ń wọn láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ iṣẹ́ ti ń fojú wá wéésìtì lọ́tun-ún ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ wọn nǹkan tuntun. Irú ìwé ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ máa ń ní wéésìtì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára ènìyàn kan ṣoṣo.

Bí oníbàárà bá sanra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ṣẹ́ wọlé rárá, ẹ lo rọ́bà yìí náà, ẹ sì wá ibi tó bá sinmi sí lẹ́yìn tó bá ti jókòó tó sì dìde.

Níbo ni èjìká ti bẹ̀rẹ̀, níbo ló sì parí sí?

Ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù nìyí, torí pé ọmọ iṣẹ́ máa ń wọn aṣọ tó wà lọ́rùn oníbàárà dípò ara rẹ̀. Ojúrán apá aṣọ tó wọ̀ wá lè ti sọ kalẹ̀ sí apá, yálà nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni sítáìlì rẹ̀ rí tàbí nítorí pé aránṣọ tó rán an ṣe é bẹ́ẹ̀.

Egungun ni kí ẹ wá. Ẹ sọ fún un kó gbé apá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títí tí yóò fi bá èjìká dọ́gba. Kòtò kékeré kan yóò yọ ní òpin èjìká, lókè apá. Ẹ fi ìka yín síbẹ̀, kó wá sọ apá kalẹ̀, ìka yín yóò sì wà lórí egungun tó jẹ́ òpin èjìká. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì díẹ̀ sí i lórí aṣọ rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tọrọ àyè, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Láti ẹ̀yìn ni kí ẹ ti wọn èjìká. Téèpù yóò lọ láti àmì kan sí èkejì, yóò sì gba orí egungun tó yọ ní ìsàlẹ̀ ọrùn, èyí tí ẹ máa ń fọwọ́ kàn nígbà tí ẹni náà bá tẹrí ba. Bí téèpù bá lọ tààrà nísàlẹ̀ egungun yẹn, ìbú ẹ̀yìn lẹ ń wọ̀n, kì í ṣe èjìká.

Ẹ wò ó nínú nọ́ńbà. Ká ní èjìká oníbàárà jẹ́ ínṣì 15½, ṣùgbọ́n ojúrán aṣọ tó wọ̀ mú kí ọmọ iṣẹ́ kọ 17 sílẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ gé aṣọ, a ó pín in sí méjì, a ó gé 8½ dípò 7¾. Apá aṣọ yóò wá jókòó sí orí apá rẹ̀ ní ìwọ̀n ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì kọjá ibi tó yẹ. Ó lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ gbé ọwọ́ sókè láti fọwọ́ kan gèlè rẹ̀, gbogbo gáùn ni yóò bá a gòkè. Bí ẹ bá rí irú èyí lára oníbàárà nígbà tó bá wá wọ aṣọ wò, ẹ má ṣe yára dá ihò apá lẹ́bi, èjìká ni kí ẹ kọ́kọ́ tún wọ̀n.

Èjìká méjèèjì kì í sábà dọ́gba. Ẹni tó ń fi èjìká kan gbé báàgì wúwo lójoojúmọ́, tirẹ̀ lè fi hàn gbangba. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀kan sọ kalẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé «ọ̀tún sọ kalẹ̀» tàbí «òsì sọ kalẹ̀», kí ẹni tí yóò gé aṣọ mọ̀.

Báwo ni kí n ṣe wọn hááfù-lẹ́ńtì kó má bàa kúrú?

Hááfù-lẹ́ńtì ni gígùn láti orí èjìká dé wéésìtì. Bí ìwọ̀n yíká bá kéré díẹ̀, a lè tú ojúrán ẹ̀gbẹ́ láti fi ohun tí a fi sílẹ̀ nínú rẹ̀ tún un ṣe. Bí hááfù-lẹ́ńtì bá kúrú, kò sí ibi tí a óò ti mú aṣọ fi gùn ún, àfi ká fi bẹ́líìtì bò ó tàbí ká gé òkè gáùn náà láti orí aṣọ tuntun. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí nọ́ńbà méjèèjì sì bára mu kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ti iwájú bẹ̀rẹ̀ láti orí èjìká níbi tó ti pàdé ọrùn. Kì í ṣe kòtò ọrùn níwájú, kì í sì í ṣe àárín èjìká. Láti ibẹ̀ ni téèpù yóò ti sọ kalẹ̀, yóò gba orí ọmú, kó tó dé rọ́bà tó wà ní wéésìtì. Nígbà tí téèpù bá wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má tíì gbé e kúrò. Ẹ ka nọ́ńbà mẹ́ta lórí rẹ̀ bó ti ń lọ: orí ọmú, abẹ́ ọmú, àti wéésìtì. Bí ẹ bá kà wọ́n lójú kan náà, kò ní sí pé orí téèpù kúrò níbi kan lọ sí ibòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká wo oníbàárà kan. Láti èjìká dé orí ọmú rẹ̀ jẹ́ 10½, dé abẹ́ ọmú jẹ́ 14, dé wéésìtì jẹ́ 17½. Ọmọ iṣẹ́ kan wọn méjì àkọ́kọ́ dáadáa láti èjìká, ṣùgbọ́n nígbà tó kan hááfù-lẹ́ńtì, ó fi orí téèpù sí kòtò ọrùn, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín ọmú méjèèjì. Ó rí 14½, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi 14½ gé gáùn yìí, wéésìtì aṣọ yóò wà ní ínṣì mẹ́ta sókè ju wéésìtì ara lọ, ìyẹn ni pé ibi tó yẹ kó há jù yóò bọ́ sí abẹ́ ọmú. Aṣọ tó kù yóò máa ká jọ lókè wéésìtì bí ìgbà tí ènìyàn gbé aṣọ sókè tí kò sì sọ ọ́ kalẹ̀.

Ìwé ìwọ̀n náà ti sọ fún un pé kò tọ́. Abẹ́ ọmú jẹ́ 14, hááfù-lẹ́ńtì sì jẹ́ 14½, èyí túmọ̀ sí pé láti abẹ́ ọmú dé wéésìtì kò ju ààbọ̀ ínṣì lọ. Ara àgbàlagbà kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yín wọ̀n ọ́n lára yín, ẹ ó rí i pé àyè tó wà níbẹ̀ máa ń tó ìbú ìka mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó kéré tán. Bí ẹ bá ń yọ nọ́ńbà kan kúrò nínú èkejì báyìí kí oníbàárà tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó rí irú àṣìṣe yìí nígbà tí ó ṣì wà níwájú yín.

Ẹ wọn ti ẹ̀yìn náà lọ́tọ̀, láti ibi kan náà lórí èjìká dé rọ́bà. Oníbàárà tí mo sọ yìí, tirẹ̀ jẹ́ 16. Iwájú gùn ju ẹ̀yìn lọ nítorí pé téèpù gba orí ọmú kọjá. Bí ọmú bá tóbi ni ìyàtọ̀ yóò pọ̀, bí ẹ̀yìn ẹni náà bá tẹ̀ síwájú díẹ̀, ti ẹ̀yìn lè bá ti iwájú dọ́gba. Ẹni tó bá fi ti iwájú gé ẹ̀yìn yóò rí i pé aṣọ ń wú bàgẹ̀ lókè síìpù.

Báwo ni kí téèpù ṣe há tó nígbà tí mo bá ń wọn àyà?

Kó kan ara yíká láìtẹ ẹran ara wọlé, kó sì lè yí díẹ̀ tí ẹ bá fi ìka fà á sí ẹ̀gbẹ́. Téèpù gbọ́dọ̀ gba orí ọmú níwájú, kó sì wà ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ilẹ̀ títí dé ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni wàhálà wà. Nígbà tí oníbàárà bá gbé apá sókè kí téèpù lè kọjá, tó sì sọ ọ́ kalẹ̀, téèpù máa ń yọ̀ wá sísàlẹ̀ lẹ́yìn. Nọ́ńbà tí ẹ ó rí nígbà náà lè pọ̀ jù nítorí pé téèpù dagun, ó sì lè kéré jù nítorí pé ó ti kúrò lórí ibi tí ẹ̀yìn ti fẹ̀. Ẹ wo dígí kí ẹ tó kà á.

Àwọn kan máa ń fi ìka méjì sábẹ́ téèpù, wọ́n ní kí aṣọ má bàa há. Mi ò fara mọ́ ọn. Ìka yín kò tóbi bí ti ẹlòmíràn, ó sì lè fi bí ínṣì kan kún ìwọ̀n láìsí ẹni tó mọ iye tó fi kún un gan-an. Nígbà tí ọ̀gá bá wá fẹ́ gé aṣọ, yóò fi àyè tirẹ̀ kún un, nítorí pé ohun tó gbà gbọ́ ni pé ìwọ̀n ara nìkan ló wà nínú ìwé. Àyè yóò wá di ìlọ́po méjì. Ẹ wọn ara gẹ́gẹ́ bó ti rí, ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ti rí i, kí ẹni tó ń gé aṣọ fi àyè sí i. Fún gáùn àǹkárá tàbí léèsì tí kì í nà, ínṣì méjì lápapọ̀ ní àyà máa ń tó kí ènìyàn lè mí, kó jẹun, kó sì jó.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ẹ fi kún ìwọ̀n àyà bí oníbàárà bá ní ọmú tó tóbi. Ẹ wọn iwájú nìkan, láti ọ̀kánkán abẹ́ abíyá kan sí èkejì, lórí ọmú. Oníbàárà wa tí àyà rẹ̀ jẹ́ 40, iwájú rẹ̀ jẹ́ 21½, èyí tó fi hàn pé ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 18½. Bí a bá kàn pín 40 sí mẹ́rin, tí a gé ínṣì 10 síwájú, 10 sẹ́yìn, kí a tó fi àyè kún un, iwájú yóò kéré, yóò sì máa fa ojúrán ẹ̀gbẹ́ wá síwájú, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀yìn yóò máa wú. Ohun tó tọ́ ni 10¾ fún ìdajì iwájú àti 9¼ fún ìdajì ẹ̀yìn. Iye aṣọ kan náà ni, ibi tí a pín in sí ló yàtọ̀.

Kí ni mo máa ń ṣe ní ti ìdí àti ikùn?

Ibi tí ìdí ti yọ jù ni kí ẹ wọ̀n, ẹ̀gbẹ́ sì ni ẹ ó ti rí i dáadáa. Ẹ wọn bí ó ti jìnnà sí rọ́bà wéésìtì pẹ̀lú, nítorí pé ìdí 44 tó wà ní ínṣì 7 sí wéésìtì kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìdí 44 tó wà ní ínṣì 9. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tó ń gé aṣọ yóò gbé e síbi tó bá wù ú. Bí ikùn bá yọ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ wọn yíká ibi tí ikùn ti yọ jù lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ bó ti jìnnà sí wéésìtì. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà jókòó sórí àga lẹ́ẹ̀kan, kí téèpù ṣì wà ní ìdí rẹ̀: nọ́ńbà náà yóò pọ̀ sí i, ó sì fi àyè tí gáùn gbọ́dọ̀ ní hàn yín.

Apá ńkọ́?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí egungun èjìká tí ẹ ti sàmì sí. Bí apá aṣọ yóò bá gùn dé ọrùn ọwọ́, kí oníbàárà tẹ ìgúnpá rẹ̀ díẹ̀, kí téèpù sì gba ẹ̀yìn ìgúnpá kọjá. Apá tí a wọ̀n nígbà tó nà gbalaja máa ń kúrú ní kété tí ẹni náà bá gbé fóònù sétí. Yíká apá, ẹ wọn ibi tó tóbi jù lókè, kí ẹ sì yan apá tó fi ń ṣiṣẹ́, nítorí pé òun ló sábà máa ń tóbi ju èkejì lọ.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí n kọ ọ́ sílẹ̀?

Ẹ má fi sórí, ẹ má sì kọ ọ́ sórí páálí tàbí ẹ̀yìn rísíìtì. Inú ìwé ìwọ̀n ló gbọ́dọ̀ wà, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n, orúkọ oníbàárà, irú aṣọ, àti orúkọ ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ẹnì kan ni kó máa wọ̀n, kí ẹlòmíràn máa kọ, kí ẹni tó ń kọ sì máa tún nọ́ńbà náà pè sókè. Ariwo ṣọ́ọ̀bù ti mú kí 15½ di 50½ rí, nítorí pé wọ́n pè é ní gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì tún un pè.

Ọ̀nà kan náà ni kí ẹ máa gbà tò wọ́n, kí ojú lè mọ̀ bí ọ̀kan bá sọnù. Ti oníbàárà wa nìyí:

Èjìká 15½
Èjìká dé orí ọmú 10½
Èjìká dé abẹ́ ọmú 14
Hááfù-lẹ́ńtì iwájú 17½, ẹ̀yìn 16
Orí ọmú sí orí ọmú 8
Àyà 40, iwájú nìkan 21½
Abẹ́ ọmú 34
Wéésìtì 33
Ìdí 44, ó jìnnà sí wéésìtì ní 9
Gígùn gáùn 58
Àkíyèsí: èjìká òsì sọ kalẹ̀, kọ́mú tuntun ló wọ̀, a kò tíì fi àyè kún un

Kí ó tó lọ, ẹ fi ojú ka ìwé náà láti òkè. Gígùn láti èjìká gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i bí ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Abẹ́ ọmú kò gbọdọ̀ ju àyà lọ. Hááfù-lẹ́ńtì iwájú tí a fi bí ìdí ṣe jìnnà kún jẹ́ 26½, ìyẹn láti èjìká dé ìdí. Ẹ tún sọ téèpù kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti èjìká dé ìdí, kó máa tẹ̀lé ara bó ti ń lọ, kí ẹ wò bóyá ó sún mọ́ ọn. Bí ó bá fi ju ààbọ̀ ínṣì lọ yàtọ̀, rọ́bà ti yẹ̀ tàbí orí téèpù ti kúrò níbi tó wà.

Ọkùnrin ni mí. Kí ni kí n ṣe bí oníbàárà kò bá fẹ́ kí n wọn àyà rẹ̀?

Kí ẹ má wọ̀n ọ́n. Bí obìnrin kan bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, kí ó di téèpù mú, kí ẹ dúró ní ìta aṣọ ìkélé, kí ẹ máa sọ ibi tí yóò fi sí. Bí kò bá sí, oníbàárà lè fúnra rẹ̀ di téèpù mọ́ orí ọmú rẹ̀, kí ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti ka nọ́ńbà. Kódà bó bá ti gbà, ẹ máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe kí ọwọ́ yín tó kàn án: «Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ wọn abẹ́ ọmú báyìí.» Ọmọ iṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ máa ń yára, ó máa ń di téèpù mú jìnnà sí ara, gbogbo ìwọ̀n tó bá kọ a sì pọ̀ jù.

Oníbàárà wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fi ìwọ̀n ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ṣé kí n gé aṣọ pẹ̀lú rẹ̀?

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ínṣì ni tàbí sẹ̀ǹtímítà. Bí ó bá kọ àyà 102, sẹ̀ǹtímítà ni, ẹ pín in sí 2.54, yóò fún yín ní ínṣì 40 àti díẹ̀. Ìṣòro gidi ni àwọn nọ́ńbà kéékèèké, nítorí pé 38 lè jẹ́ àyà ní ínṣì, ó sì lè jẹ́ èjìká ní sẹ̀ǹtímítà. Bí nọ́ńbà kan bá rú yín lójú, ẹ béèrè.

Ẹ tún béèrè ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ hááfù-lẹ́ńtì rẹ̀. Kó so rọ́bà mọ́ wéésìtì, kí ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n, kó sì ya fọ́tò kan níwájú àti ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú rọ́bà náà lára rẹ̀. Bó bá ní gáùn kan tó bá a mu tí kì í nà, kó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, kó wọn àyà, wéésìtì àti hááfù-lẹ́ńtì rẹ̀, kó sì sọ fún yín pé aṣọ lòun wọ̀n. Àyè ti wà nínú ìwọ̀n aṣọ, kò sì yẹ kí ẹ fi òmíràn kún un. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ fi ínṣì kan sílẹ̀ nínú ojúrán ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí aránṣọ tó wà nítòsí rẹ̀ lè rí nǹkan tú.

Ìwọ̀n oníbàárà ti wà nínú ìwé láti ọdún tó kọjá. Ṣé mo tún gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n?

Bẹ́ẹ̀ ni, kódà bó bá sọ pé ara òun kò yí padà. Egungun àgbàlagbà kì í sábà yí padà, nítorí náà èjìká àti gígùn apá lè wà bí wọ́n ti wà. Àyà, wéésìtì, ìdí àti ibi tí orí ọmú wà ni ẹ gbọ́dọ̀ tún wọ̀n, pàápàá fún ẹni tó bímọ tàbí tó gba ọmọ lẹ́nu ọmú láàárín ìgbà náà. Bí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú lọ́wọ́, ẹ béèrè ìgbà tí ọmọ mu ọmú kẹ́yìn, nítorí pé àyà tó kún fún wàrà lè fi ínṣì kan ju èyí tí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán lọ. Èyí tó kún ni kí ẹ kọ sílẹ̀.